Oorun Èmi àti Bàbá Waliyat

Ẹni tó bá ní èmi Ràmọ́tà ò mọ oorun sùn, irọ́ ló pa. Bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, ó di òwúrọ̀. Àní lórí ìjókòó tí mo ti ń ta ike ní Ọjà Akẹ̀sán, oorun a máa gbé mi lọ, Hajarat tí ìsọ̀ rẹ̀ kan tèmi ni í bá mi dá oníbàárà lóhùn. Gbogbo wọn ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìlara wà níbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tó ń hanrun báyìí, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni.

Ọkọ mi ni kò rí oorun sùn. Mashood ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tìmùtìmù aláwọ ló ń rán lójúlé wa ní Ọ̀yọ́. Láyé àtijọ́, àfi kí n wọ́n omi sí i lójú kó tó jí kírun àsùbáà. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì, a ò ní tíì kírun ìṣáì tán tí oorun á ti máa kùn ún. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ó ti jí, ó ti jókòó sétí ibùsùn. Bí eku bá rìn lájà, ó gbọ́. Á wá nawọ́, á mi èjìká mi. Èmi á gbá ọwọ́ náà dànù: "Bàbá Waliyat, ẹ jẹ́ kí n sùn!" Mo rò pé ẹni tí yóò bá a tàkúrọ̀sọ ló ń wá.

Ẹ̀rù ikú ló ń bà á. Bàbá rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọdún náà ò parí tó fi kú. Lọ́jọ́ tí oníbàárà kan fẹ́ kó rán tìmùtìmù, tí Mashood ní kó wá ẹlòmíràn lọ, pé òun ò mọ̀ bóyá òun á parí rẹ̀, ẹkún ni mo sun. Ó tún lọ ra oògùn oorun ní kẹ́mísì. Waliyat, ọmọ wa tó ń ránṣọ ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, pariwo lórí fóònù pé kó má gbé nǹkan kan mì, ká máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, òun mọ dọ́kítà kan níbẹ̀.

Dọ́kítà Abigail ò lè ju ẹni ogójì ọdún lọ. "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá. Màmá, ẹ káàbọ̀." Ó ní kí ọkọ mi sọ bó ṣe ń sùn.

"Aago mẹ́sàn-án ni mò ń sùn. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin, ojú mi ti là."

"Láàárín òru ńkọ́?"

"Mo lè jí lẹ́ẹ̀kan láti tọ̀, màá tún padà sùn."

"Lọ́sàn-án ńkọ́? Ṣé oorun máa ń kùn yín nídìí iṣẹ́?"

"Rárá o! Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń ṣiṣẹ́."

Dọ́kítà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ara yín le. Oorun yín tó wákàtí méje, ìyẹn sì tó àgbàlagbà. Tí èèyàn bá ti ń kọjá àádọ́ta ọdún, aago inú ara a máa yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: oorun á tètè dé, ojú á sì tètè là. Oorun àsùnwọra, èyí tí ariwo ò lè tètè jíni nínú rẹ̀, á dín kù, èyí tó fẹ́lẹ́ á pọ̀ sí i. Bí orí ṣe ń hu ewú náà ni. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni kí ọkàn èèyàn máa rẹ̀wẹ̀sì, kó máà rí oorun sùn rárá, tàbí kó máa sùn níbi tó bá ṣáà jókòó sí…"

Ibi tí mo gbọ́ ọ dé nìyẹn.

Nígbà tí mo lajú, àwọn méjèèjì ń wò mí. Itọ́ ti ṣàn dé àgbọ̀n mi. Ojú tì mí.

"Bàbá, ṣé bí wọ́n ṣe ń hanrun nílé nìyí?"

Mashood rẹ́rìn-ín. "Èyí kéré, Dọ́kítà. Ìyàwó mi mọ oorun sùn! Á hanrun títí, á wá dákẹ́ rọ́rọ́, kò ní mí rárá. Tó bá yá, á ṣe 'háà!' bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú odò, á tún bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú Dọ́kítà. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó ga. Ó bi mí bóyá orí máa ń fọ́ mi bí mo bá jí. Ó ń fọ́ mi, wàhálà ọjà ni mo kà á sí.

"Màmá, ẹ ò sùn dáadáa rí láti ọjọ́ yìí. Ó jọ pé ọ̀nà ọ̀fun yín ń pa dé bí ẹ bá ti sùn. Èémí á dúró, ọpọlọ á ta yín jí kí ẹ lè mí, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ẹ jí. Bẹ́ẹ̀ ni títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó máa ń pọ̀ lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n àìsàn ni, kì í ṣe ti ọjọ́ orí lásán." Ó ní wọ́n á fi ẹ̀rọ ṣọ́ oorun mi lóru ọjọ́ kan. Bó bá rí bí òun ṣe rò ó, ẹ̀rọ kan wà tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú, tí n ó máa fi sùn. "Kó tó dìgbà náà, ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ má fẹ̀yìn sùn."

Sùbúhánálláhì! Àlùfáà wa a máa ní oorun àti ikú, ọmọ ìyá ni wọ́n. Mo gbọ́ ọ títí, n ò mọ̀ pé lálaalẹ́ ni mò ń dé ẹnu ọ̀nà ikú padà.

Mashood ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ oògùn oorun náà sórí tábìlì. Ọ̀kan ò tíì kúrò níbẹ̀.

"Dọ́kítà, ká ní mò ń sùn bíi ti tẹ́lẹ̀, ta ni ì bá gbọ́?"

Dọ́kítà fa oògùn náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ọkọ mi wá yíjú sí mi. "Tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn bá ti pẹ́ jù, ẹ̀rù máa ń bà mí, n ò mọ ìdí. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń mi èjìká rẹ. Wàá gbá ọwọ́ mi, wàá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wàá sì mí."

Mo wo ọwọ́ náà, tí àpá abẹ́rẹ́ kún inú rẹ̀, tí mo ti ń gbá dànù láti ọdún méjì. Mo dì í mú níwájú Dọ́kítà, n ò sì fi í sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbé wa dé Ọ̀yọ́.