Aṣọ Tó Bo Kọ̀mpútà Bàbá

Ọjọ́ Sátidé ni ẹni tó ń ra irin àlòkù yóò wá gbé kọ̀mpútà náà lọ. Abdullateef ló pè é.

"Òkú lò ń wẹ̀ yẹn," ni ó wí fún Kifayat, àbúrò rẹ̀. "Tí géèmù ìje ọkọ̀ rẹ bá lè sáré lórí rẹ̀ fún wákàtí kan, kó dúró."

"Ẹ má yẹhùn o, Bọ̀ọ̀dá."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Kifayat. Kọ̀mpútà tí bàbá wọn fi ṣiṣẹ́ kó tó kú ni wọ́n ń pè lókùú láìtíì tú u wò! Ohun kan ṣoṣo ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. Yóò dán an wò, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó dá àwọn ètò tí wọ́n máa ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ náà dúró: mẹ́tàdínlógún di mẹ́rin. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó dín ìwọ̀n àwòrán géèmù náà kù, ó dán an wò, lẹ́yìn náà ó pa òjìji inú rẹ̀. Àwòrán mọ́kànlá tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan di ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó já sí mẹ́jọ. Ó pa á kó sinmi; ó tàn án, ó tún já ní ìṣẹ́jú kẹfà.

Ohun tí ìsinmi ń wò sàn, àárẹ̀ ni, kì í ṣe ikú. Ètò tó ń ka ooru fi digírì méjìdínlọ́gọ́rùn-ún hàn án: ẹ̀rọ náà ń fà sẹ́yìn kó má baà jóná ni.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó yọ wáyà iná, ó tú u. Eruku ti di bí òwú láàárín irin abẹ́ fáànù; ìpara tó ń gbé ooru kúrò lórí ọpọlọ ẹ̀rọ náà ti gbẹ bí ẹfun. Ó fi ìka di fáànù mú kó má yí, ó gbọn eruku rẹ̀, ó fi sípíríìtì nu ìpara àtijọ́, ó kán tuntun sí i, kò ju hóró ìrẹsì lọ.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ooru dúró sí àádọ́rin. Kifayat lọ pọnmi. Nígbà tó dé, ooru ti di márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Aṣọ tí Màmá fi kírọ́ṣẹ̀ hun ti wà lórí ẹ̀rọ náà, ó bo ẹnu fáànù ẹ̀yìn. Kifayat ṣí i kúrò. Ọdún mẹ́wàá ni Màmá ti ń bò ó bẹ́ẹ̀, kí eruku má baà wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Abdullateef jókòó ti géèmù tó ń sáré, ó ń wo aago. Ní ogójì ìṣẹ́jú, Màmá mú aṣọ náà dé.

"Ṣé ìhòòhò ló fẹ́ wà ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá mi. Aṣọ yẹn ló ń fún un lọ́rùn."

"Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi hun ún!"

"Mo mọ̀, Màmá. N kò ní bò ó."

Màmá ká aṣọ náà mọ́ àyà. Wákàtí pé. Ọkọ̀ ṣì ń sáré, nọ́ńbà ọgbọ̀n kò mì. Abdullateef wúkọ́.

"Sún fún mi, kí n sá ìje kan."

"Ẹ kọ́kọ́ pe onírin yẹn pé kó má wá mọ́, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ pè é níṣojú mi."