Ímeèlì tí Fasilat Kọ sí Hòtẹ́ẹ̀lì Bruma

Ẹni tó bá mọ Fasilat Àtàndá ní àárín ìlú Johannesburg mọ̀ pé kì í rán aṣọ jákujàku. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú ilé kan tí wọ́n ti ń ta aṣọ ní ìgàn-ìgàn nísàlẹ̀, ariwo àwọn tó ń pe èrò sínú takisí a sì máa gba ojú fèrèsé wọlé láti àárọ̀. Ó ti rán aṣọ ìyàwó níbẹ̀, ó ti rán aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti rán kóòtù fún àwọn dókítà ọmọ Nàìjíríà tí wọn ò rí èyí tó bá wọn lára mu rà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń wù ú jù ni èyí tí kò ní parí lẹ́yìn òde ọjọ́ kan. Ó fẹ́ kí ilé iṣẹ́ gidi kan wà tí òun yóò máa wọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láṣọ lọ́dọọdún.

Lọ́dún 2014, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníṣòwò tó wà nínú rẹ̀ pe ìpàdé sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Bruma, àdúgbò kan ní Johannesburg. Àwọn yòókù ń wo ọ̀nà oúnjẹ. Ojú Fasilat wà lára àwọn òṣìṣẹ́. Ọkùnrin tó ń gbé ẹrù àlejò wọ jákẹ́ẹ̀tì tí apá rẹ̀ gùn bo ìka. Ọmọbìnrin tó jókòó sí ibi ìgbàlejò fi pínnì há iwájú tirẹ̀ nítorí pé bọ́tìnnì kò dé ojú ihò. Àwọn méjì tó ń tọ́jú yàrá kọjá, aṣọ búlúù ni àwọn méjèèjì wọ̀, ṣùgbọ́n búlúù ọ̀kan ti ṣá, ti èkejì ṣì ń dán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ẹni tó wọlé. Ó dun Fasilat. Kó tó kúrò níbẹ̀, ó ti gba káàdì mánéjà lọ́wọ́ ọmọbìnrin ibi ìgbàlejò. Lerato Maseko lorúkọ tó wà lára rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sunday, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní pálọ̀. Ọlákúnlé ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ akáǹtáǹtì, fa àga súnmọ́ ọn. Ó pẹ́ kí Fasilat tó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò fẹ́ bú aṣọ tí wọ́n wọ̀, kò sì fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà gba ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ohun tó kọ ní Gẹ̀ẹ́sì kò jìnnà sí èyí:

"Mìsísì Maseko, mo wá sí hòtẹ́ẹ̀lì yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú mi sì dùn sí ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ yín gbà tọ́jú wa. Aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. A kì í rán yúnífọ́ọ̀mù kékeré, àárín àti ńlá, kí a wá ní kí ènìyàn máa ṣa èyí tó bá fẹ́ẹ́ gbà á. A ó wá bá yín ní hòtẹ́ẹ̀lì, a ó wọn olúkúlùkù. A ó kọ́kọ́ rán àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì fọ̀ ọ́. A ó ra aṣọ náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a ó fi díẹ̀ pamọ́, kí ti ẹni tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ má baà yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Lóṣooṣù, a ó wá kó èyí tó bá ya tàbí tí bọ́tìnnì rẹ̀ já, a ó tún un ṣe. Bí èyí bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká ṣe àdéhùn ọdún kan."

Ọlákúnlé kà á tán, ó mi orí. "Ó dáa. Ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí ńkọ́?"

"Kí ló ṣe orúkọ mi?"

"Màmá Fikáyọ̀, ìwọ náà mọ ìlú tá a wà. Kọ F. A. síbẹ̀, kó o yọ àdírẹ́sì kúrò. Bí wọ́n bá rí i pé ọmọ Nàìjíríà ló kọ ọ́, tó sì ń ránṣọ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní àárín ìlú, wọn ò ní kà á dé ìsàlẹ̀. Jẹ́ kí iṣẹ́ wọlé ná."

Fasilat mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un sọ ọ́. Ó tún mọ̀ pé kò purọ́.

"Bí F. A. bá gba iṣẹ́ náà," ó ní, "ta ni yóò wá mú tépù lọ wọ̀n wọ́n? Ṣé kí n bo ojú ni?"

Ọlákúnlé bú sẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Fasilat kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó kọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà fóònù, ó so àwòrán iṣẹ́ tó ti ṣe mọ́ ọn, ó sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Ọjọ́ kejì ni èsì dé. Mìsísì Maseko ní ìwé náà dùn mọ́ òun, pàápàá ọ̀rọ̀ wíwọn olúkúlùkù. Ó ní àwọn ń kun hòtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni àwọn yóò ṣí i padà, òun sì fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́, láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná, wọ aṣọ tuntun lọ́jọ́ náà. Ṣé Fasilat lè ṣe é?

Fasilat ka èsì náà sétí àwọn aránṣọ rẹ̀. Ṣẹ̀yẹ, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń bá a gé aṣọ, ju síṣọ́ọ̀sì sórí tábìlì, ó ń jó.

"Àǹtí, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni! Bí a bá dé iwájú, a ó mọ bí a ṣe máa ṣe é."

Ṣùgbọ́n Fasilat ti ń ro iṣẹ́ náà lọ́kàn. Wíwọn wà níbẹ̀, gígé wà níbẹ̀, ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ kọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì sí àyà aṣọ kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀, onítọ̀hún náà ní oníbàárà tirẹ̀. Bí wọ́n bá fi tipátipá ṣe é, aṣọ jákujàku ni yóò já sí. Nígbà tó ń kọ èsì, ó dà bíi pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ti iṣẹ́ tó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ jáde.

"Mi ò lè ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó dáa," ó kọ. "Ohun tí mo lè ṣe ni pé àwọn tí àlejò yóò kọ́kọ́ rí, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà àti ní ibi ìgbàlejò, yóò wọ tuntun lọ́jọ́ ìṣílé. Àwọn tó ń tọ́jú yàrá àti àwọn ará ilé ìdáná yóò gba tiwọn láàárín oṣù tó tẹ̀ lé e. Tiwọn gba àkókò jù, nítorí àwọn ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń nàgà, aṣọ wọn sì ni ẹ̀rọ ìfọṣọ yín máa ń jẹ jù."

Lẹ́yìn èyí, èsì kò tún wá láti Bruma. Ọjọ́ kan kọjá, òmíràn kọjá. Ṣẹ̀yẹ ń gé aṣọ bí ẹni tí wọ́n já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀. Fasilat ń sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tó tọ́ lòun kọ, síbẹ̀ kò dẹ́kun àti máa yẹ fóònù wò.

Ó di àárọ̀ Thursday ọ̀sẹ̀ náà, obìnrin kan tó wọ súùtì aláwọ̀ eérú gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwọn ẹ̀rọ, ó wo àwọn aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n fi kọ́.

"Mo ń wá Fasilat Àtàndá," ó ní, ó sì ṣe wàhálà kó tó pe orúkọ náà já.

"Èmi nìyẹn, Mà. Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó."

"Lerato Maseko ni mí."

Kò jókòó. Ó mú jákẹ́ẹ̀tì kan lára èyí tí wọ́n fi kọ́, ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi àtàǹpàkò fa ojú rírán wò, ó wo bí wọ́n ṣe ká etí rẹ̀. Nígbà tó gbé e padà, ó rẹ́rìn-ín.

"Eish, Mìsísì Àtàndá. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni mo bi ní ìbéèrè tí mo bi yín. Àwọn méjì dá mi lóhùn kí ilẹ̀ tó ṣú pé kò sí wàhálà. Ẹni tó rán èyí tí wọ́n ń wọ̀ báyìí náà, kò sí wàhálà ló sọ fún wa. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ pé rárá, tí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Mo wá wo irú ẹni tó ń kọ̀wé báyẹn."

Ṣẹ̀yẹ sáré gbé àga wá.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n rán àpẹẹrẹ, wọ́n gbé e lọ sí Bruma, ibi ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì sì fọ̀ ọ́ lọ́nà tí wọ́n ń gbà fọ tiwọn. Jákẹ́ẹ̀tì kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ àwọn tó ń tọ́jú yàrá súnkì díẹ̀ ní gígùn. Fasilat kò jiyàn; ó ní òun yóò kọ́kọ́ rẹ gbogbo ìgàn aṣọ náà sómi kí wọ́n tó gé e. Mìsísì Maseko fọwọ́ sí àdéhùn ọdún kan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wọn àwọn òṣìṣẹ́, Mma Dikeledi, àgbà obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn tó ń tọ́jú yàrá, dúró gbọnrangandan níwájú tépù bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀.

"Ó pẹ́ tí mo ti wà níbí," ó ní. "Kò sí ẹni tó wọ̀n mí rí. Wọ́n á kàn jù ú sí wa ni."

"Ẹ nàgà, Mma, bí ẹni tó fẹ́ so kọ́tìnnì," Fasilat sọ fún un. Obìnrin náà nàgà, Fasilat wọn ibi abíyá rẹ̀ lọ dé ìbàdí. "Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe rán an. Bí ẹ bá nàgà, kò ní tẹ̀ lé yín lọ sókè."

Mma Dikeledi rẹ́rìn-ín títí, ó sì pe àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n tètè wá, aránṣọ gidi ti dé.

Àwọn ti ẹnu ọ̀nà wọ tiwọn lọ́jọ́ ìṣílé. Ti àwọn yòókù tẹ̀ lé e láàárín oṣù tí Fasilat dá. Lọ́jọ́ Monday tó tẹ̀ lé ìgbà tí wọ́n kó aṣọ tó kẹ́yìn lọ, Fasilat kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí gbogbo àwọn aránṣọ rẹ̀ múra dáadáa. Wọ́n wọ takisí lọ sí Bruma, Ọlákúnlé náà gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó bá wọn níbẹ̀.

Thandeka, ọmọ Zulu tó máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ tí ń ká etí aṣọ, fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé. Fasilat di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Iwájú la ó gbà."

Ọkùnrin agbẹ́rù ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Apá jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúró sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó kí wọn káàbọ̀, kò mọ̀ pé àwọn ló rán ohun tó wọ̀. Wọ́n jókòó sórí àga ńláńlá, wọ́n gbé tíì wá fún wọn nínú ife funfun. Kò sẹ́ni tó tètè mu ún. Wọ́n ń wò. Àwọn tó ń tọ́jú yàrá kọjá ní méjìméjì, búlúù kan náà. Ọmọbìnrin ibi ìgbàlejò dìde kí àlejò, iwájú aṣọ rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ.

"Àǹtí," Ṣẹ̀yẹ rọra sọ, "kọ́là yẹn, èmi ni mo gé e."

"Mo mọ̀."

"Etí rẹ̀, èmi ni," Thandeka náà sọ.

Ọlákúnlé wo ìyàwó rẹ̀. "Fasilat Àtàndá," ó ní, ó pe orúkọ náà ní kíkún, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà nítòsí fi yíjú wò wọ́n. Fasilat kò ní kó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó gbé ife tíì rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga, ó sì mu ún.