Ẹnu Ọkọ̀ Kíá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ahun ni Bàbá Ògúnníyì, alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó wa ní Aládé, ẹ gbà á gbọ́. Èmi Olúsànmí, akọ̀wé rẹ̀, ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Pẹ́ńsùlù kan ṣoṣo ni mo fi ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tó kúrú tán, ó ní kí n máa fi èékánná dì í mú.

Òjò ọdún 1956 ló kó wa sí wàhálà. Bí òjò bá pọ̀ tó báyẹn, àrùn a máa sọ èso kòkó di dúdú lórí igi, á sì rà kó tó gbó. Oògùn rẹ̀ wà nílẹ̀ nínú yàrá ẹrù ẹgbẹ́, àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń fín in náà wà nílẹ̀. Ohun tí kò sí ni ẹnu ẹ̀rọ, idẹ kékeré tó máa ń wà lórí ọ̀pá, tó ń sọ oògùn di ìrì. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn ènìyàn wa lo ẹ̀rọ tán, wọn kò fọ̀ ọ́. Oògùn gan mọ́ ẹnu rẹ̀, ni wọ́n bá fi ìṣó lù ú. Ihò abẹ́rẹ́ di ihò imú. Bí a bá fín in báyìí, ẹsẹ̀ ẹni ni oògùn ń dà sí ṣọ̀rọ̀rọ̀.

Moríyọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ká lára jù. Opó ni, Ìyá Joanna ni gbogbo wa ń pè é. Oko kan péré ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, nínú àfonífojì tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ. Oko yẹn ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí Joanna wà, ó sì ku ọdún kan kí ọmọ náà jáde. Ó gbé èso kòkó dúdú kan wá sí ìpàdé, ó fi sórí tábìlì níwájú alága. Òórùn rẹ̀ ló bá a rojọ́.

Ìlú Liverpool ni Benedict, ọmọ alága, ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ó ti bá wa ra ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rìnlélógún, pẹ̀lú rọ́bà gígùn àti pọ́ǹpù tuntun méjì. Ó wá kọ̀wé pé kí a sọ ọ̀nà tí ẹrù máa gbà. Owó ọkọ̀, Èkó ni a ó ti san án nígbà tí ẹrù bá dé. Pọ́n-ùn márùn-ún péré ló sì kù nínú àpò ẹgbẹ́.

Mo ka lẹ́tà náà fún ìpàdé. Bí gbogbo ẹrù bá gba ọkọ̀ omi, owó rẹ̀ kò ní tó pọ́n-ùn méjì. Ṣùgbọ́n a ó dúró de ọjọ́ tí ọkọ̀ máa ṣí, yóò lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí òkun, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní Àpápá yóò tún fi ọjọ́ tiwọn kún un. Oṣù kan ti lọ nìyẹn. Bàálù yóò gbé e dé Èkó láàárín ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ ìwọ̀n ni wọ́n fi ń gbowó. Bí àpótí bá sì fẹ̀ ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ, wọn á wọn fífẹ̀ rẹ̀, wọn á gbowó ìyẹn. Rọ́bà tí a ká jọ kì í sì í ṣe nǹkan kékeré. Gbogbo ẹrù náà máa gbà ju ọgbọ̀n pọ́n-ùn lọ.

Felix tó ní lọ́rì dìde, ó ní ọ̀nà ilẹ̀ ló dára jù. Ó mọ oníṣòwò kan ní Gold Coast tó ń ta irú ẹnu ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, òun á lọ gbé e wá. Mo bi í léèrè bóyá ẹnu ẹ̀rọ tí oníṣòwò yẹn ń tà bá ẹ̀rọ wa mu, ó ní idẹ ṣáà ni idẹ. Ẹnubodè mẹ́ta ló wà lọ́nà ibẹ̀, lọ́rì Felix sì ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà Ofosu lọ́sẹ̀ tó kọjá. A ní kó jókòó.

Moríyọ̀ wá bi mí pé báwo ni ẹnu ẹ̀rọ nìkan ṣe wúwo tó. Mo wo lẹ́tà, mo ní ìwọ̀n pọ́n-ùn mẹ́fà. Ó ní kí ìyẹn gba bàálù, kí ìyókù máa bọ̀ lórí omi. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tí oko wọn wà lórí òkè gbígbẹ, níbi tí àrùn kò dé, fi pariwo mọ́ ọn. Wọ́n ní ọmọ alága fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ fò lókè. Wọ́n dìbò, ọkọ̀ omi ló wọlé. Alága ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Inú bí mi sí i débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ ìwọ̀nba pẹ́ńsùlù tó kù.

Mo wá kọ wáyà tí a máa tẹ̀ sí Benedict: FI ENU ATI ROBA ATI POMPU RANSE NI OKO OMI KIA. Alága kà á, ó ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, ṣé mo rò pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tẹ wáyà ni?

Moríyọ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní, “Bàbá Benedict, rọ́bà àti pọ́ǹpù yẹn ńkọ́? Ṣebí ọmọ yín ló rà á, ó mọ ohun tó rà.”

Alága fagi lé rọ́bà àti pọ́ǹpù. Moríyọ̀ ní FI àti RANSE ńkọ́, ta ni kò mọ̀ pé ẹrù là ń fi ránṣẹ́? Alága fagi lé wọn, àti NI pẹ̀lú. Ó wá ku ENU OKO OMI KIA.

“Ẹ jọ̀ọ́, omi,” Moríyọ̀ ní. “Ọmọ tó wà lókè òkun, ṣé ẹ ó tún sanwó kí ẹ tó sọ omi fún un?”

Alága fagi lé omi, ó ku ENU OKO KIA. Àwọn ará orí òkè pàtẹ́wọ́ fún ìṣúnná owó rẹ̀.

Mo bá lọ́rì Felix dé Àkúrẹ́. Bernadette, ọmọbìnrin tó ń gba wáyà ní ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́, kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bo ẹnu. Kò sí àmì ohùn lórí lẹ́tà wáyà, ẹ rántí.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹnu ọkọ ta ni ẹ fẹ́ kó yá?”

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó sọ fún mi pé nínú irú wáyà olówó pọ́ọ́kú yìí, bí ọ̀rọ̀ kò bá ti pé ogún, iye kan náà ni. Ṣé kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un? Iṣẹ́ mi ni láti dá omi padà, àti rọ́bà, àti pọ́ǹpù. Mo rántí òórùn èso dúdú yẹn. Mo ní rárá, kó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Felix gbé àpótí kékeré kan dé láti pápá bàálù Ìkẹjà. Ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rìnlélógún ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà Benedict: níwọ̀n bí ẹ ti ní ọkọ̀ kíá, mo fi ẹnu sínú bàálù, mo fi ìyókù sínú ọkọ̀ omi, nítorí ẹ kò dárúkọ wọn. Owó bàálù jẹ́ pọ́n-ùn méjì àtàbọ̀, Felix gba ṣílè mẹ́wàá. Pọ́n-ùn méjì tó kù tó fún ti ọkọ̀ omi.

Àwọn ará orí òkè ya bo alága, wọ́n ní ta ló ní kí ẹrù gba bàálù. Alága gbé ẹ̀dà wáyà síwájú wọn, ó ní kí wọ́n bá òun wá bàálù nínú rẹ̀. Wọ́n wá a tì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, èmi àti alága jọ dé oko Moríyọ̀. Àwọn tó ti rà ti rà, ṣùgbọ́n èso tútù ṣì kún ara igi, oògùn funfun sì wà lára wọn. Inú mi dùn débi tí mo fi jẹ́wọ́. Mo sọ fún alága pé Bernadette ní ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlógún àti mẹ́ta, owó kan náà ni, èmi ni mo kọ̀ láti dá omi padà.

“Olúsànmí,” ó ní, “ọdún mẹ́ta ni ọmọ mi ti wà ní Liverpool. Oṣooṣù ni mò ń tẹ irú wáyà yẹn sí i. Ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlógún ni mo máa ń kọ, n kì í fi ọ̀kan ṣòfò.”

Ó ní bí òun bá dá bàálù lábàá níwájú wọn, wọn ì bá ní ti ọmọ òun ni òun ń ṣe, kòkó obìnrin yìí ì bá sì ti rà tán. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá ahun jà nítorí ó ṣún owó ná?

Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó ní òun ti rí iṣẹ́ mi, ó fún mi ní pẹ́ńsùlù tuntun. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti gé e sí méjì, ó tọ́jú ìdajì.