Òṣùwọ̀n Sùn Mọ́ Télọ̀ Lójú

Télọ̀ wa kì í gé aṣọ kó má fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀, kó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó sì mi orí fún ara rẹ̀. Bó ṣe wọ ilé ìdáná náà nìyẹn lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀, tó ń yan kéèkì tà, fi ọwọ́ ṣẹ́, tí wọ́n sì di í gbagidi. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ń bọ̀ wá jẹun nírọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni Àǹtí ti ń sọ ọ́ kiri pé tí ọkọ àbúrò òun bá gbé omi kaná, omi ọ̀hún á jóná. Télọ̀ búra pé kéèkì òun ló máa pa á lẹ́nu mọ́.

"Ife tí a fi ń wọn wàrà dà?"

"Olówó orí mi, a ò lo ife. Gíráàmù la fi ń wọn nǹkan olómi pàápàá. Gbé abọ́ lé òṣùwọ̀n, tẹ bọ́tìnnì kó padà sí òdo. Da ìyẹ̀fun, tún tẹ̀ ẹ́ kó padà sí òdo, kó o wá da wàrà."

Ìyẹ̀fun dé 500, ó tẹ̀ ẹ́. Wàrà yẹ kó jẹ́ 300. Ó dà á díẹ̀, ó gbé páálí wàrà sókè bí ẹni tó fẹ́ wàásù.

"Ṣé o rí i, aya mi, ìwọ̀n ni gbogbo nǹkan láyé. Ẹni tó mọ ọrùn aṣọ wọ̀n..."

Ìwàásù gùn. Òṣùwọ̀n ò lè fara dà á, ó kú fúnra rẹ̀. Télọ̀ tún un tàn kíá: òdo! Ohun gbogbo tó wà lórí rẹ̀ ló kà sí òfo.

"Mélòó ni mo ti dà?"

"Èmi kọ́ lò ń bi. Ìwàásù ni kó o bi."

"Jọ̀ọ́, má fi mí ṣẹ̀sín. Ìyẹ̀fun ti tán!"

Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Àánú ṣe ìyàwó.

"Gbé abọ́ kúrò. Pa òṣùwọ̀n, tún un tàn lófìfo. Ó yá, gbé abọ́ padà."

1150.

"Gbé e sọ̀ kalẹ̀. Gbé ìkejì abọ́ yẹn, tó ṣófo, lé e. Ọgbọọgba ni wọ́n."

400.

Télọ̀ ń ka ìka. "Yọ abọ́, yọ ìyẹ̀fun... àádọ́ta lé nígba ni wàrà. Ó ku àádọ́ta!"

"Gbé abọ́ ìyẹ̀fun padà, tẹ̀ ẹ́ sí òdo kó o tó dà á. Má sọ̀rọ̀."

Kò sọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nínú ilé náà.

Nírọ̀lẹ́, Àǹtí gé kéèkì, ó jẹ ẹ́, ó tún gé òmíràn.

"Àbúrò, pẹ̀lú ọwọ́ ṣíṣẹ́ yìí?"

"Ọkọ mi ló ṣe é."

Àǹtí yíjú sí télọ̀, ó wò ó látòkèdélẹ̀. "Ìwọ? Mo gbà fún ọ."

Télọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ òun lára dáadáa. Lẹ́yìn náà ló fà súnmọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Àǹtí, èmi ni mo dà á o. Òun ló kó mi yọ nígbà tí òṣùwọ̀n kú."