Ọ̀yà Màmá Nínú Ọṣẹ

Nígbà tí Màmá sọ pé àwọn fẹ́ padà sí ilé wọn ní Moniya, ẹ̀rù ba Ọláṣùmbọ̀. Láti ìgbà tó ti bí Jésùtóbi ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Agbowó, wọn kò sì bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ rí.

“Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni, Màmá?”

“O ò ṣẹ̀ mí, ìyàwó mi. Ó kàn yẹ kí n lọ ni.”

Ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Ó pe Olúgbádé ọkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́, òun náà kò mọ nǹkan kan.

Ọṣẹ ni Ọláṣùmbọ̀ ń ṣe. Òun ló ń wọn àdín, òróró àgbọn àti òrí, òun ló ń po kọ́sítíìkì sódà tó ń mú òróró di ọṣẹ sínú omi, tó ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ títí yóò fi ki, kó tó dà á sínú àpótí onígi. Tó bá dì, Màmá á gé e sí ọgbọ̀n, wọ́n á tò ó sórí pákó kó gbẹ fún bí oṣù kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fá etí rẹ̀ kó dán, tí wọ́n á fi bébà wé e. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni wọ́n ń ta ẹyọ kan. Ọjà ń yá, àmọ́ Ọláṣùmbọ̀ kì í rí nǹkan kan tọ́jú.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Jésùlọlá tó ní ṣọ́ọ̀bù ìpara ní Bódìjà ní òun fẹ́ máa gba ọgọ́ta ọṣẹ lóṣooṣù.

“Ẹ lọ ro iye tẹ́ ẹ máa máa gbà dáadáa, ma,” ló wí. “Mi ò fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ tán kẹ́ ẹ wá ní ẹ ò lè ṣe é mọ́.”

Ọláṣùmbọ̀ jókòó sí ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò sórí fóònù. Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fá ọṣẹ.

“Òróró, sódà àti lọ́fínńdà fún àpótí kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Bébà àti lébẹ́ẹ̀lì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.” Ó bojú wo àpótí onígi náà. “Àpótí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún méjìlá ni káfíńtà tó wà ní Ṣàngó gbà. Tí a bá da ọṣẹ sínú rẹ̀ nígbà ọgọ́ta kó tó bàjẹ́, igba náírà ló ń jẹ nígbà kọ̀ọ̀kan.”

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì ni wọ́n ń ta ọgbọ̀n ọṣẹ.

“Ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún péré ló ń kù! Mi ò tíì ka wákàtí mẹ́ta tí mo fi ń pò ó.” Ó fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà sí wákàtí kan. Bó ṣe fẹ́ rò ó pọ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sára ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ Màmá. “Màmá, gígé, fífá àti wíwé àpótí kan, wákàtí mélòó ló ń gbà yín?”

“Ó tó mẹ́rin. Kí ló dé?”

“Mo fẹ́ ka tiyín náà.”

Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ìyẹn ló ń mú mi lọ sí Moniya,” ni wọ́n wí. “Bí mo bá bá àwọn onígàrí dín gàrí níbẹ̀, wọ́n á fún mi lówó. Níbí, tí wọ́n bá dá owó ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ọmọ mi ni mo ń wò. Ojú sì ń tì mí láti béèrè ọ̀yà lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ mi.”

“Ẹ̀yin ni ojú ń tì? Èmi tí mò ń kó yín ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́!” Omi lé ròrò sójú Ọláṣùmbọ̀, àmọ́ ẹ̀rín ló ń rín. Ó kéré tán, kì í ṣe pé òun ṣẹ̀ wọ́n!

Nígbà tó ka wákàtí àwọn méjèèjì pọ̀, ẹgbẹ̀ta ó lé ogún náírà ni ọṣẹ kan ń ná wọn. Wọ́n ti ń pàdánù lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó pè é ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin àti àádọ́ta fún Jésùlọlá. Jésùlọlá gbóòórùn ọṣẹ náà, ó ní, “Ẹ gbà á ní ẹgbẹ̀ta.”

Tẹ́lẹ̀, ibi tí oníbàárà bá fa iye owó sí ni Ọláṣùmbọ̀ ń bá a dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní, “Rárá o, ẹgbẹ̀ta kò kó owó iṣẹ́ wa.”

“Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ńkọ́?”

Ọgọ́rin náírà ni èrè yẹn lórí ẹyọ kan, lẹ́yìn tí ọ̀yà ti kúrò. “Ó dáa. Ẹ máa kó wọn.”

Àwọn kan ní Agbowó kùn nígbà tí owó ọṣẹ gòkè, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ padà wá. Àmọ́ nígbà tí Jésùlọlá san owó àkọ́kọ́, Ọláṣùmbọ̀ ka ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ẹgbẹ̀ta náírà, owó iṣẹ́ àpótí méjì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá, ó sì kúnlẹ̀. Màmá súre fún un títí.

Màmá lọ sí Moniya lọ́jọ́ Sátidé. Ìyókù aṣọ wọn ni wọ́n lọ kó wá sí Agbowó.