Kókó Mẹ́rìnlélógún Nínú Ọ̀sẹ̀ Méjìlá

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Dúróoríkẹ́ Ògúnjìnmí ti jókòó ṣe ìdánwò G.C.E. nínú ìmọ̀ ara àti ìmọ́tótó, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì fìdí rẹmi. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Iléṣà, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ti yege nínú iṣẹ́ mẹ́rin. Ẹyọ kan yìí ló ṣẹ́kù kí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn tó lè gbà á wọlé. Ó ti fi orúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹta ọdún 1957, ìyá rẹ̀ di iṣu fún un pé kí ó gbé e lọ fún Làbákẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ní Òṣogbo. Ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì ki ìwé rẹ̀ sínú àpò bó ṣe máa ń ṣe níbikíbi tó bá ń lọ. Mùyídéènì Rájí ni ọkọ Làbákẹ́, akọ̀wé ni ní stéṣọ̀n reluwé. Òun ló ń kọ ìgbà tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dé àti ìgbà tó ṣí.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Dúróoríkẹ́ ṣí ìwé. Mùyídéènì yọjú wo ohun tó ń kà.

"Tíṣà, ẹ̀ẹ̀kan tí o wá síbí lọ́dún tó kọjá, egungun lò ń kà. Egungun náà lo tún ń kà lónìí yìí?"

"Bọ̀dá, mo tún ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ni. Bí mo bá ti fìdí rẹmi, ìbẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń padà sí."

"O ò sì kà á dópin rí?"

"Awọ ara ni mo máa ń kà dé kí ìdánwò tó dé."

"Ọjọ́ wo ni ti ọ̀tẹ̀ yìí?"

"Ọjọ́ Túsìdeè, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà."

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ló wá kù?"

 Dúróoríkẹ́ kò ka iye ọ̀sẹ̀ náà rí. Ohun tó mọ̀ kò ju pé ó kù díẹ̀ lọ.

Mùyídéènì bú sẹ́rìn-ín. "Bí a bá ń ṣètò ọkọ̀ ní ibi iṣẹ́ wa, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọkọ̀ wà. Ibi tó ń lọ la ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Aago mélòó ló gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀? A ó wá máa kà á padà sẹ́yìn. Làbákẹ́, bá mi já kàlẹ́ńdà èṣí tó wà lára ògiri yẹn."

Wọ́n dojú kàlẹ́ńdà náà délẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Mùyídéènì mú rúlà àti pẹ́ńsù tó ní àwọ̀ búlúù lápá kan, àwọ̀ pupa lápá kejì. Ó fa ìlà, ó sì kọ ọjọ́ ìdánwò sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á padà sókè, láti ọjọ́ Mọ́ńdè dé ọjọ́ Mọ́ńdè, títí wọ́n fi dé ọ̀tunla, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹta.

"Ọ̀sẹ̀ méjìlá," ni Dúróoríkẹ́ wí. "Méjìlá gbáko!"

"Kí ni wọ́n ní kí o kà?"

"Ìwé yìí ni."

"Ìwé kọ́ ni mo bi ọ́. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò, kí ni wọ́n ní àwọn ó bi ọ́?"

Ìgbà náà ló rántí sílábọ́ọ̀sì. Ó ti ká a mọ́ ẹ̀yìn ìwé láti ọdún kìíní, kò sì tíì tú u wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bó ṣe ń kà á jáde ni Mùyídéènì ń kọ ọ́ sílẹ̀, kókó kan lórí ìlà kan: egungun, eyín, bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú, ẹ̀jẹ̀, èémí, awọ ara, kíndìnrín, ojú, etí… Nígbà tí wọ́n dé òpin, wọ́n kà á. Mẹ́rìnlélógún ni.

 Dúróoríkẹ́ fi ìka tọ ìlà àkọ́kọ́, ó tún ṣí ìwé rẹ̀ wò.

"Bọ̀dá, ẹ wo nǹkan. Àádọ́rùn-ún ojú ewé ni egungun gbà nínú ìwé mi. Ìlà kan péré ni nínú sílábọ́ọ̀sì!"

"Àwọn mìíràn ńkọ́?"

Ó sá ojú wálẹ̀. Láti ìlà kẹẹ̀ẹ́dógún dé ìkẹrìnlélógún, ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ni gbogbo rẹ̀: omi mímu, ilé tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, ìdọ̀tí àti ṣáláńgá, ẹ̀fọn àti ibà, ìtọ́jú oúnjẹ, ìtọ́jú ọmọ ọwọ́. Kókó mẹ́wàá. Kò ṣí ojú ewé wọn rí. Ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ọdún mẹ́ta wà nínú àpò rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fa ìlà kékeré síwájú kókó tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ti jáde. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ìlà tó wà síwájú ìmọ́tótó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti gbogbo ara èèyàn.

"Áà!" Dúróoríkẹ́ fò dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da ife omi nù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó! Mi ò ya òpè! Ìdajì iṣẹ́ ni mo ń gbé lọ síbi ìdánwò!"

Làbákẹ́ sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. "Ta ló pè ọ́ ní òpè tẹ́lẹ̀?"

"Èmi ni."

Mùyídéènì nawọ́ pẹ́ńsù sí i. "Ó yá, sàmì sí i. Èyí tí o lè dúró kọ́ ẹlòmíràn nísinsìnyí láìwòwé, fi búlúù sí i. Èyí tí o mọ̀ ní àmọ̀-ìdajì, fi búlúù àti pupa sí i. Èyí tí o kò mọ̀ rárá, pupa nìkan. Má tan ara rẹ o."

Ohun tó tún yà á lẹ́nu nìyí. Ó dé orí ẹ̀fọn àti ibà, ó rí i pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ọdọọdún ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Omi mímu náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó parí, búlúù jẹ́ méje, aláwọ̀ méjì jẹ́ mẹ́sàn-án, pupa jẹ́ mẹ́jọ.

"Ẹ jẹ́ ká pín in sí ọ̀sẹ̀ méjìlá, méjì-méjì lọ́sẹ̀," ni Dúróoríkẹ́ wí, ara rẹ̀ ti yá gágá. "Ó pé géérégé!"

"Rárá o. Ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ni wàá máa fi wọ́n dáhùn, pẹ̀lú aago níwájú rẹ. Ó ku mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Àjíǹde ni, ẹbí yóò wá, o ò ní ráyè kàwé. Fi í sílẹ̀ lófìfo. Fi ọ̀sẹ̀ kẹjọ náà sílẹ̀ lófìfo."

"Kí ló wà ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ?"

"Kò sí nǹkan kan. Ìdí tí mo fi ní kí o fi í sílẹ̀ nìyẹn. Ojú irin kan ṣoṣo la ní. Bí a kò bá fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ kan láti yà dúró kí èkejì kọjá, bí ọ̀kan bá ti pẹ́, gbogbo wọn ló pẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kù fún kíkà. Kókó pupa kan fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní ọjọ́ Mọ́ńdè àti Túsìdeè tí orí ṣì jí. Kókó aláwọ̀ méjì kan ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè àti Tọ́sìdeè. Aláwọ̀ méjì kan ṣẹ́kù. Wọ́n fi kún ọ̀sẹ̀ tí pupa rẹ̀ kúrú. Búlúù kan ní ọjọ́ Fúráídeè kọ̀ọ̀kan títí méjèèje yóò fi tán, kí ó má baà gbàgbé. Ọjọ́ Sátidé, kò sí ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, yóò pa ìwé dé, yóò sì kọ ohun tó rántí nípa àwọn kókó ọ̀sẹ̀ náà àti ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Wọ́n fi àwọn pupa tí ìbéèrè wọn ń jáde jù síwájú. Egungun, tó jẹ́ búlúù, bọ́ sí ọjọ́ Fúráídeè kan ṣoṣo. Làbákẹ́ rí i, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ bí omi. Dúróoríkẹ́ lẹ kàlẹ́ńdà náà mọ́ ògiri yàrá rẹ̀ ní Iléṣà, ó ń fagi lé kókó kọ̀ọ̀kan bó bá ti lè kọ ọ́ láìwòwé. Ó kọ ti kíndìnrín ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan, ó ya àwòrán rẹ̀, ó ṣí ìwé wò ó, ó sì rí i pé kò sí ibi tí òun fò. Ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ nínú yàrá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Phebe, tíṣà tó wà ní kíláàsì tó tẹ̀ lé tirẹ̀, tí òun náà ń ka jọ́gíráfì fún G.C.E., bímọ ṣáájú ọjọ́. Wọ́n kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fún Dúróoríkẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó di ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́rin. Bó bá délé, ṣe ló ń sùn lọ fọnfọn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ náà kọjá, kò fagi lé nǹkan kan. Ẹ̀rù bà á. Ó kọ lẹ́tà sí Mùyídéènì pé òun fẹ́ ka ti ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ti ìkeje pọ̀, bí òun kò tilẹ̀ sùn.

Ìdáhùn dé láàárín ọjọ́ méjì. "Tíṣà, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó pẹ́ tó wá ń sáré, ojú irin ló ń fò. Ka ti ọ̀sẹ̀ keje bó ṣe wà. Gbé ti ìkẹfà lọ sí ìkẹjọ. Kí ni a fi í sílẹ̀ fún?"

Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀, ó sì fi pẹ́ńsù fa ọfà láti ọ̀sẹ̀ kẹfà lọ sí ìkẹjọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹjọ parí, gbogbo rẹ̀ ti padà bọ́ sípò.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn ló gbádùn jù. Ó ń gbé aago síwájú, ó ń dáhùn ìbéèrè. Ní ìgbà àkọ́kọ́, àkókò pé nígbà tí ìbéèrè kan ṣì kù nílẹ̀. Ní ìgbà kẹrin, ó parí, ó sì ráyè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà, ní gbọ̀ngàn ìdánwò ní Ìbàdàn, wọ́n dojú ìwé ìbéèrè délẹ̀ síwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n ṣí i, ó kà á látòkèdélẹ̀. Kíndìnrín wà níbẹ̀. Ìtọ́jú oúnjẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ó yan díẹ̀ dáhùn nínú àwọn ìbéèrè náà. Ìṣòro kan ṣoṣo tó ní ni pé kò mọ èyí tí yóò fi sílẹ̀ nínú wọn.

Èsì dé ní òpin oṣù kẹjọ. Ìyá rẹ̀ ń ṣá gbòǹgbò ewúro lẹ́yìn ilé nígbà tó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ figbe bọnu nínú ilé. Ó ju àdá sílẹ̀, ó sáré wọlé, ó rò pé ejò ni.

"Kí ló dé? Kí ló dé o?"

"Mo yege, Ìyá mi! Mo yege!"

Obìnrin náà gbá a mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ erùpẹ̀, aṣọ funfun tíṣà sì kún fún àmì ìka. Dúróoríkẹ́ kò tilẹ̀ bojú wò ó. Aṣọ náà ló wọ̀ lọ sí ilé Phebe ní ìrọ̀lẹ́ yẹn láti fi lẹ́tà èsì náà hàn án. Phebe fún un ní ọmọ gbé, ó gba lẹ́tà, ó kà á tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú inú àpótí rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan sọnù.

"Kí lò ń wá?" ni Dúróoríkẹ́ bi í.

"Sílábọ́ọ̀sì jọ́gíráfì mi," ni Phebe wí. "Jókòó. O ò tíì ní í lọ."