Ìgbésẹ̀ Bàbá Nínú Fídíò Tó Ń Gbọ̀n

Olóòtú fídíò pòṣé títí ètè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí bàbá wọn gbé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yà, ni àwòrán bá ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Ó ní kí kọ̀ǹpútà mú gbígbọ̀n náà dúró. Ó dúró lóòótọ́, àmọ́ kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà gé etí àwòrán kúrò, ó fẹ èyí tó kù kó lè kún àyè, ojú bàbá wá ṣe bàìbàì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ba nǹkan jẹ́!"

Ẹ̀gbọ́n yọjú wo kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀dà kékeré tí mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ lò ń gé yẹn? Ojúlówó wà nínú káàdì kámẹ́rà yìí. Ó fi ìlọ́po méjì fẹ̀ jù ú lọ, ó sì fi ìlọ́po méjì ga jù ú."

Olóòtú fi ojúlówó tún un ṣe. Kọ̀ǹpútà gé etí rẹ̀, síbẹ̀ èyí tó kù ṣì tóbi ju ohun tí tẹlifíṣọ̀n ilé nílò lọ. Ojú bàbá mọ́ kedere, ti ẹ̀rín ti omijé. Ọkàn olóòtú balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Ẹ máà bínú. Àmọ́ kí ló mú yín gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yìn ni mò ń fi rìn níwájú bàbá. Mò ń sunkún."

Olóòtú kò pa èyí tó ń gbọ̀n rẹ́; ó tọ́jú òun náà pamọ́.